Ẹ Tún Orúkọ Ọjà Yín Ṣe Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Sítọ́ọ̀

 

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó yẹ ká jọ sọ. Nígbà tó jẹ́ ìsọ̀ kan ṣoṣo la ní, ojú la fi ń ṣọ́ ọjà. Ẹni tó bá jókòó síwájú ìsọ̀ rẹ̀ mọ ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwò ti fẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ìsọ̀ wà nínú ọjà, sítọ́ọ̀ wà lẹ́yìn ọjà, a sì tún háyà ilé kan sí ibòmíràn nítorí ẹrù tí ọkọ̀ ńlá ń já. Kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta. Ibẹ̀ yẹn làwọn ọ̀dọ́ tó gbé kọ̀ǹpútà sápò ti ń wọlé tọ̀ wá, tí wọ́n ń sọ pé, "Mọ́mì, ẹ sanwó lónìí, tó bá dọ̀la ẹ ó máa rí gbogbo sítọ́ọ̀ yín lórí fóònù."

Mi ò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. Èrò tèmi ni pé ẹ̀rọ ló rọrùn jù nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tó le ni orúkọ ọjà, iye tó wà nínú páálí, àti kíkà. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ kó tó ṣe mẹ́ta yìí, irọ́ tó wọṣọ funfun ló máa rí lórí fóònù rẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ tó ń bá a tajà ló sì máa jẹ ìyà rẹ̀. Màá ṣàlàyé.

Ta ló nílò rẹ̀?

Ẹ má jẹ́ ká kó o pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìsanwó tó ń gba káàdì, tàbí èyí tó ń já risíìtì lásán. Ẹ̀rọ sítọ́ọ̀ tí mò ń sọ jẹ́ ètò inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tó mọ nǹkan mẹ́rin nípa ọjà kọ̀ọ̀kan: kí ni, mélòó ló kù, ibo ló wà, ìgbà wo ló máa ẹsipáyà. Gbogbo ìgbà tí ẹrù bá wọlé, tó bá kúrò ní sítọ́ọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, tàbí tó bá jáde lọ bá oníbàárà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ò lójú. Ohun tí wọ́n bá wí fún un ló mọ̀.

Ẹni tó ní ìsọ̀ kan, tó ń ta oríṣi ọjà bíi 40, ìwé àkọsílẹ̀ tó ní ìlà dáadáa ṣì tó o. Àmì tí ẹ ó fi mọ̀ pé òwò ti kọjá ìwé ni pé ẹ lọ ra ohun tó ti wà ní sítọ́ọ̀ yín kejì, tàbí ẹ sọ fún oníbàárà pé ọjà ti tán nígbà tí 20 páálí wà lẹ́yìn ilé, tàbí ẹ rí ọjà tó ti ẹsipáyà lábẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Tí irú èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lóṣooṣù, ó ti tó àkókò.

Bí a ṣe ń yan èyí tó yẹ

Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ fi ọjà tirẹ̀ hàn yín. Ọjà tó bá gbé wá láti ilé ti rí bó ṣe fẹ́ kó rí. Ẹ mú ọjà tiyín márùn-ún tó le jù, kí ẹ ní kó fi ṣe é lójú yín. Bí àpẹẹrẹ, ẹni tó ń ta prófíṣàn bí wọ́n ṣe ń tà á l'Ágbẹni n'Ìbàdàn, kó mú tòmátì inú sáṣẹ́ẹ̀tì wá, nítorí pé ó ń tà á ní odidi páálí, ní ìdajì páálí, ní róòlù àti ní ẹyọ. Ẹ ní kó ta ìdajì páálí kan àti róòlù kan, kó wá fi iye tó kù hàn yín. Tó bá ní ẹ ní láti kọ páálí àti ẹyọ bí ọjà méjì tí kò mọ ara wọn, ẹ kí i, kí ẹ jẹ́ kó máa lọ. Lójoojúmọ́ la ń tú páálí, ẹ̀rọ tí ò bá mọ ìyẹn ò lè bá wa gbé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kó pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù rẹ̀, kó tajà kan, kó tún ṣí i padà. Ohun tó tà nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí gbọ́dọ̀ wọlé fúnra rẹ̀ nígbà tó bá dé. Kó wá fi fóònù méjì ta páálí kan ṣoṣo tó kù nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn méjèèjì wà ní pípa. Kò sí ẹ̀rọ tó lè dènà ìyẹn, ṣùgbọ́n èyí tó dáa á kígbe lẹ́yìn náà pé ọjà yìí ti di ẹyọ kan sábẹ́ òdo, ẹ lọ wò ó. Èyí tí ò dáa á dákẹ́.

Ìkẹta, ẹ bi í pé, "Tí mo bá fẹ́ fi yín sílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé mo lè kó gbogbo àkọsílẹ̀ mi jáde?" Kó ṣe é lójú yín. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí `.csv` ló máa ń jáde, kọ̀ǹpútà yòówù ló sì lè ṣí i. Tí kò bá lè kó o jáde, ọjà yín ti di ẹrú ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìyẹn, iye tó bá pè lóṣù ni ẹ ó máa san. Àti pé kí ẹ má wo owó àkọ́san nìkan. Ẹ ro owó oṣooṣù, fóònù tí àwọn ọmọ sítọ́ọ̀ máa lò, dátà, àti bátìrì tó máa gbé e nígbà tí kò bá síná, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún ọdún kan gbáko kí ẹ tó fi wé ara wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń gbé páálí ní sítọ́ọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń wò ó. Òun ló máa tẹ̀ ẹ́. Tí òun bá ní ó nira, ó nira nìyẹn.

Sáṣẹ́ẹ̀tì 120 tí kò sọnù

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé. Ẹ jẹ́ ká ní ìyá kan tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ pé páálí tòmátì kan jẹ́ sáṣẹ́ẹ̀tì 50. Òótọ́ ni nígbà tó kọ ọ́. Ó gba 30 páálí wọlé, ẹ̀rọ sọ 30 di 1,500. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti dín ohun tó ń dì sínú páálí kù, bí àwọn oníṣẹ́ ṣe máa ń ṣe nígbà tí nǹkan bá gbówó lórí. Nínú 30 yẹn, 18 ló jẹ́ ti àtijọ́, 12 yòókù jẹ́ ti tuntun tó ní sáṣẹ́ẹ̀tì 40. Ohun tó wọlé lóòótọ́ ni 900 àti 480, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,380.

Tó bá jẹ́ odidi páálí ni wọ́n ń tà, àṣìṣe yẹn ò ní hàn, nítorí páálí ló wọlé, páálí ló jáde. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ ni wọ́n kó wọn lọ, wọ́n tú gbogbo rẹ̀ tà ní ẹyọ àti ní róòlù. Nígbà tó tán, ẹ̀rọ ní sáṣẹ́ẹ̀tì 120 ṣì wà nílẹ̀. Ìyá wọ ìsọ̀, kò bá nǹkan kan. Ta ló kó o? Ọmọbìnrin tó ń bá a tajà. Ta ló máa jẹ́rìí sí i? Kò sẹ́nì kan, nítorí pé kọ̀ǹpútà ló sọ̀rọ̀, gbogbo wa la sì gbà pé kọ̀ǹpútà kì í ṣojúsàájú.

Ẹ̀yin ìyá mi, púpọ̀ nínú wa ló ń ra ẹ̀rọ yìí torí àti mú olè. Mo mọ̀ pé olè wà. Ṣùgbọ́n ní oṣù àkọ́kọ́, àìtó tí ẹ bá rí, ẹ kọ́kọ́ fi í sí ọrùn àkọsílẹ̀ yín. Ọ̀nà méjì wà tí ẹ lè fi yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó la ẹnu sí ọmọ ẹnikẹ́ni. Àkọ́kọ́, ẹ wò ó bóyá iye tó dín ṣeé pín geere sí ohun kan nípa páálí. Ti ìyá tá a sọ yìí, páálí tuntun fi 10 dín sí ti àtijọ́. Ẹ pín 120 sí 10, ẹ ó rí 12, tí í ṣe iye páálí tuntun gẹ́lẹ́. Olè kì í jí ọjà gún régé bẹ́ẹ̀. Èkejì, ẹ wo ọjà tó jọ ọ́. Tí mílíìkì kékeré bá dín ní 24, tí mílíìkì ńlá sì fi 24 lé, kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Orúkọ èyí ni wọ́n fi gba ìyẹn wọlé. Tí ẹ bá yẹ méjèèjì wò, tí kò bọ́ sí i, ìgbà yẹn lẹ tó lè máa bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èèyàn.

Títún orúkọ ṣe

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó ẹ̀rọ, ẹ mú ìwé ńlá kan, kí ẹ kọ gbogbo ọjà tí ẹ ń tà, láti orí pẹpẹ, kì í ṣe láti orí ìwé àtijọ́. Ẹ ó rí i pé ọjà kan ṣoṣo ní orúkọ mẹ́ta: ẹnì kan ń pè é ní "mílíìkì kékeré", ẹlòmíràn ní "mílíìkì alágolo", ẹ̀yin fúnra yín ń pè é ní orúkọ ẹni tó ń gbé e wá. Ẹ̀rọ á kà á sí ọjà mẹ́ta. Ẹ yan ọ̀nà kan tí ẹ ó máa gbà pè é: irú ọjà, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, bó ṣe tóbi tó, ohun tí wọ́n dì í sí, àti iye tó wà nínú páálí. Kí ó máa tẹ̀ lé ara wọn bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo.

Kí páálí tó ní 50 àti èyí tó ní 40 máà jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ fún wọn ní kóòdù méjì, bíi `TOM-70-50` àti `TOM-70-40`, kí ẹni tó ń gba ẹrù lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Kóòdù tí ẹ bá ti fún ọjà kan, tí ẹ ò bá ta ọjà náà mọ́, ẹ má gbé e fún òmíràn, àkọsílẹ̀ á dàrú. Ẹ má sì ronú pé bákóòdù, ìyẹn ìlà dúdú-dúdú ara ọjà, á bá yín ṣe gbogbo rẹ̀. Ti ara sáṣẹ́ẹ̀tì àti ti ara páálí kì í sábà jẹ́ nọ́ńbà kan náà, ọjà mìíràn tí ẹ fúnra yín ń wọ̀n sínú ọ̀rá ò sì ní rárá.

Ẹ fún àyè inú sítọ́ọ̀ náà ní orúkọ. "Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn" àti "ibi tí Ìyá Rísí máa ń jókòó sí" kì í ṣe àdírẹ́ẹ̀sì. Ẹ fi ọ̀dà kọ `A1`, `A2`, `B1` gàdàgbà sára ògiri. Ẹ ya ohun tó ti ẹsipáyà àti èyí tó bàjẹ́ sọ́tọ̀, kí ẹ kọ iye rẹ̀, kí ẹ sì gbé e kúrò. Ẹ má kó o wọnú ẹ̀rọ torí kí sítọ́ọ̀ lè dà bíi pé ó kún.

Lójú tèmi, ẹni tó ní 300 orúkọ ọjà kó fún iṣẹ́ yìí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ó máa ṣe díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Bí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ bá ní òun á ṣe é fún yín lọ́jọ́ kan, ohun tó máa ṣe ni pé á da ìwé àtijọ́ yín kọ bó ṣe wà, pẹ̀lú gbogbo ìdọ̀tí rẹ̀.

Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọjà bá gbóná. Láti oṣù kẹwàá títí Kérésìmesì á fi kọjá, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wo Iléyá náà, nítorí pé kì í dúró sójú kan. Ọdọọdún ló ń fi bí ọjọ́ 11 tètè dé ju ti ọdún tó ṣáájú lọ nínú kàlẹ́ńdà. Ẹ yan ìgbà tí ọjà tutù, lẹ́yìn ọdún, kí ẹ sì mú ọjọ́ Àìkú tí ẹ ò ní ṣílẹ̀kùn.

Sítọ́ọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó kéré jù. Kó tó di ọjọ́ náà, ẹ sọ fún onímọ́tò pé kó má já ẹrù láti ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Ẹrù oníbàárà tó ti sanwó tí kò tíì wá kó, ẹ fi okùn so ó lọ́tọ̀, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ohun tó ń da ìkànìyàn rú jù lọ́dọ̀ alátàpọ̀ nìyẹn: ó wà nílẹ̀ yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiyín mọ́.

Lọ́jọ́ kíkà, èèyàn méjì-méjì ni kó máa kà, ẹnì kan á kà, ẹnì kejì á kọ ọ́. Ẹ má fún wọn ní ìwé àtijọ́, nítorí ẹni tó bá rí i pé ìwé ní 46, á ka 46. Páálí tó bá ti ṣí, kí wọ́n tú u kà. Ibi tí wọ́n bá ti kà tán, kí wọ́n lẹ bébà aláwọ̀ mọ́ ọn. Kí ẹni mìíràn wá tún ọjà tó gbówó lórí jù kà lẹ́ẹ̀kejì. Iye tí wọ́n bá kà yìí la ó tẹ̀ sínú ẹ̀rọ, kì í ṣe iye tó wà nínú ìwé.

Láti ọjọ́ Ajé, kí gbogbo ohun tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde gba inú ẹ̀rọ kọjá. Ẹ jẹ́ kí ìwé bá a rìn fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì dáwọ́ ìwé dúró. Tí ẹ bá jẹ́ kí méjèèjì máa lọ fún oṣù mẹ́ta, ó máa rẹ àwọn ọmọ, wọ́n á máa kọ ọ̀kan, wọ́n á sì máa gbàgbé èkejì. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ mú ọjà mẹ́wàá, ẹ kà wọ́n, ẹ fi wé ti fóònù. Tí ọ̀kan bá yàtọ̀, ẹ wá ìdí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ẹni tó tà á ṣì rántí. Tí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá yàtọ̀ nínú mẹ́wàá, ohun kan wà nínú bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ má tíì gbé e dé sítọ́ọ̀ kejì. Ẹ tún un ṣe ná. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ju ẹyọ kan lọ tó ń yàtọ̀ lójúmọ́, ẹ lè tẹ̀ síwájú.

Ẹ má sì fún gbogbo èèyàn láṣẹ àtúnṣe. Ẹni tó ń tajà lè tẹ ohun tó tà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tàbí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán ló lè yí iye tó wà nílẹ̀ padà, kí ó sì kọ ìdí rẹ̀: ó fọ́, ó ẹsipáyà, a kà á ṣì. Orúkọ ìwọlé kálukú gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Tí gbogbo ilé bá ń lo orúkọ kan, ẹ ò ní mọ ẹni tó ṣe ohunkóhun, ẹ̀sùn á sì tún padà di ti ẹni tó kéré jù.

Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń sọ ọ́ nípàdé pé kí ẹgbẹ́ bá ilé iṣẹ́ kan dúnàádúrà, kí gbogbo wa jọ ra ẹ̀rọ kan náà lẹ́dìn-ínwó. Ó dáa, ṣùgbọ́n kí a má tíì ṣe é. Kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì, ọ̀kan tó ń ta prófíṣàn, ọ̀kan tó ń ta aṣọ, kọ́kọ́ lò ó láti kíkà dé ìparí oṣù mẹ́ta, nítorí pé páálí àti yáàdì kì í ṣe ẹgbẹ́. Kí wọ́n wá dìde nípàdé, kí wọ́n sọ ohun tí ojú wọn rí. Kí a tó sanwó, kí a sì fi ẹnu kò lórí òfin kan: pé kò sí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tàbí ọmọ ìsọ̀ tí a ó lé tàbí dá owó lé lórí nítorí ohun tí ẹ̀rọ sọ nìkan, láìjẹ́ pé a ti ka páálí, ka ohun tó wà nínú rẹ̀, tí a sì ti wo ọjà tó jọ ọ́.

Èrò tèmi nìyẹn. Ẹni tó bá ní tirẹ̀, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí akọ̀wé, kí a jọ gbé e yẹ̀ wò. Ajé á wọgbá gbogbo wa o.